Lílé ń tẹ̀ lé ohùn, ègbè ń tẹ̀ lé ìlù: bí a ṣe ń ṣe fídíò ọ̀rọ̀ orin

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe fídíò tí ọ̀rọ̀ orin ń hàn lójú rẹ̀ sábà máa ń wá ibi tí ìlù ti ń dún, á sì mú kí gbogbo ọ̀rọ̀ fò sókè níbẹ̀. Fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, ó dùn ún wò. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ olùwòran, kò sì ní lè sọ ohun tó ń rẹ̀ ẹ́. Ohun tó fà á ni pé ọ̀rọ̀ tó ń fò lójú fídíò kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu olórin lásìkò yẹn. Etí ń gbọ́ nǹkan kan, ojú ń rí òmíràn.

Ẹni tó ń lé orin kì í jókòó sórí ìlù. Ó máa ń fa ọ̀rọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ó máa ń sáré ṣáájú, ó máa ń mí, ó sì máa ń fa "o" gùn títí á fi kan ẹnu ègbè. Àwọn elégbè ni wọ́n ń jókòó sórí ìlù, torí pé wọ́n pọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jọ gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Orí ìyàtọ̀ yìí ni mo máa ń kọ́ gbogbo iṣẹ́ lé. Ọ̀rọ̀ lílé ń wọlé pẹ̀lú ohùn, láìwo ojú ìlù. Ọ̀rọ̀ ègbè ń balẹ̀ pẹ̀lú ìlù gan-an. Tí ẹ bá ṣe é báyìí, olùwòran á mọ ẹni tó ń kọrin bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí ojú ẹnikẹ́ni.

Orin kékeré kan tí mo hun fún àlàyé yìí la ó fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin:

Lílé: Ọjọ́ ń lọ, ilẹ̀ ń ṣú o
Ègbè: A ó délé, a ó délé
Lílé: Ẹ jẹ́ ká má sáré jù
Ègbè: A ó délé, a ó délé

Ìlù 100 ló ń dún nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ìlù mẹ́rin ló wà nínú báà kan, ìlù kọ̀ọ̀kan sì pín sí mẹ́ta, bí agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣe ń pín in nínú ọ̀pọ̀ orin wa. After Effects ni mo ń lò, nítorí náà orúkọ bọ́tìnnì tí ẹ ó máa rí níbí, tirẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń fi nǹkan mìíràn ṣe é lè tẹ̀ lé ètò kan náà, torí pé ìṣirò férémù, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń para pọ̀ di fídíò, kì í yí padà.

Kí ẹ tó ṣí iṣẹ́

Ẹ gba orin tó ti parí lọ́wọ́ pirodúsà, tí wọ́n ti ṣe másítà rẹ̀, kí ó sì jẹ́ WAV. MP3 sábà máa ń fi àlàfo kékeré kún ìbẹ̀rẹ̀ orin, àlàfo yẹn sì lè yàtọ̀ láti fáìlì kan sí èkejì. Èyí tó burú jù ni kí ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ tán, kí pirodúsà wá fi "èyí tuntun" ránṣẹ́, tí wọ́n ti gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kúrò. Gbogbo ọ̀rọ̀ á sún kúrò níbi tó yẹ. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe fọwọ́ kan àwọn ọ̀rọ̀ rárá. Ẹ gbé orin tuntun sábẹ́ ti àtijọ́, ẹ tẹ L lẹ́ẹ̀mejì kí ìgbì ohùn wọn lè hàn, kí ẹ sì fa ti tuntun títí ìlù àkọ́kọ́ nínú méjèèjì á fi wà ní ojú kan.

Ẹ tún béèrè tẹmpo, ìyẹn iye ìlù tó ń dún ní ìṣẹ́jú kan, lọ́wọ́ pirodúsà. Ìbéèrè kejì ni bóyá wọ́n gba orin náà sílẹ̀ pẹ̀lú kílíìkì, ìró tó ń ka ìlù sí wọn létí. Ẹgbẹ́ tó jọ jókòó lu ìlù wọn nínú yàrá kan láìsí kílíìkì á máa yára díẹ̀ bí ara wọn ṣe ń gbóná, kò sì sí tẹmpo kan tó lè bá irú orin bẹ́ẹ̀ mu láti òkè délẹ̀. Èyí kò ba iṣẹ́ jẹ́, ṣùgbọ́n ó máa pinnu ọ̀nà tí ẹ ó gbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ orin sílẹ̀ bí olórin ṣe pè é. Tó bá kọ "délé", ẹ má ṣe kọ "dé ilé". Ọ̀rọ̀ tó bá ní ìró kan ju èyí tó jáde lẹ́nu lọ kò ní rí ibi tó máa balẹ̀ sí nígbà tó bá yá. Ẹ fi ìlà kékeré sí gbogbo ibi tí olórin ti mí. Nínú ìlà àkọ́kọ́ wa, ó mí lẹ́yìn "lọ", ó sì fa "o" ìparí gùn. Nínú ìlà kẹta, èémí kan ṣoṣo ló fi kọ gbogbo rẹ̀. Ibi èémí wọ̀nyí ló máa sọ fún wa bí a ó ṣe pín ọ̀rọ̀. Kọ́mà àti àmì ìdánudúró tó wà nínú ìwé kò lágbára níbí.

Ìṣirò férémù

Ẹ ṣí kọ́ḿpù tuntun, ìyẹn pátákó tí gbogbo iṣẹ́ máa wà lórí rẹ̀, 1920 × 1080, férémù 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ó jẹ́ 30 gan-an, kì í ṣe 29.97. Láti mọ iye férémù tó wà nínú ìlù kan, ẹ fi 60 sọ iye férémù di púpọ̀, kí ẹ sì fi tẹmpo pín in:

```
30 × 60 ÷ 100 = 18
```

Ìlù kan jẹ́ férémù 18, ìdá mẹ́ta ìlù jẹ́ 6, báà kan sì jẹ́ 72. Ìdí tí mo fi mú tẹmpo 100 nìyẹn, kí ìṣirò lè mọ́lẹ̀. Orin tòótọ́ kì í ṣe wá lóore tó bẹ́ẹ̀. Tí tẹmpo bá jẹ́ 103, ìlù kan á jẹ́ férémù 17.48. Ẹni tó bá ń fi 17 kún 17 lọ á ti ṣáájú orin pẹ̀lú férémù 30 lẹ́yìn báà 16, ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú àáyá kan odindi. Àṣìṣe yìí kì í hàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìdajì orin ló ti máa ń fojú hàn, nígbà tí ẹ bá ti rò pé ọwọ́ yín ti balẹ̀. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ máa ka gbogbo ìlù láti ìbẹ̀rẹ̀ orin: iye ìlù tó ti kọjá lọ́nà 17.4757, kí ẹ tó wá sọ èsì rẹ̀ di odindi férémù.

Nínú orin tiwa, ìlù àkọ́kọ́ dún ní férémù 24. Báà mẹ́rin ni ìlù nìkan fi ń lọ kí ohùn tó wọlé, nítorí náà báà karùn-ún bẹ̀rẹ̀ ní 24 + 288, ìyẹn 312. Lílé àkọ́kọ́ ń lo báà méjì, láti 312 dé 456. Ègbè gba báà méjì, láti 456 dé 600. Lílé kejì ń lọ láti 600 dé 744, ègbè rẹ̀ sì parí ní 888. Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà márùn-ún yìí sórí bébà kan kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn ni ògiri ilé náà.

Títẹ máàkà

Ìṣirò ti fún wa ní ibi tí ìlù wà. Ibi tí ohùn wà, etí nìkan ló lè sọ ọ́. Ẹ fún léyà orin ní orúkọ `ORIN`. Ẹ tún ṣe Null Object kan, léyà tí kì í hàn nínú fídíò, tí ẹ máa pè ní `ORO`. Máàkà ìlù ń lọ sórí `ORIN`, máàkà ọ̀rọ̀ ń lọ sórí `ORO`, kí méjèèjì má baà dà pọ̀.

Ẹ tẹ `ORO` kí ó jẹ́ òun lẹ yàn, ẹ mú kí orin máa dún, kí ẹ sì máa tẹ `*` lórí pátákó nọ́ńbà ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan bá bẹ̀rẹ̀. Lórí Mac tí kò ní pátákó nọ́ńbà, Control+8 ni. Máàkà á máa hù bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi agbọ́hùn oníwáyà ṣe é. Ti Bluetooth ń pẹ́ kó tó gbé ohùn débi etí, ó sì lè pẹ́ ju ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ, èyí tó ju férémù 3 lọ. Gbogbo máàkà yín á sì pẹ́ bákan náà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Ìka èèyàn kì í sì í ṣe nǹkan tó ṣeé gbára lé pátápátá. Lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ ṣí ìgbì ohùn, kí ẹ máa sún máàkà kọ̀ọ̀kan dé ibi tó tọ́. Ibi tó tọ́ yìí gba àkíyèsí. Tí ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ṣ" tàbí "f", ẹ ó rí i pé ariwo fẹ́ẹ́rẹ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ nínú ìgbì kí ohùn gangan tó dé. Ariwo yẹn kọ́ ni etí ń gbà bí ìbẹ̀rẹ̀. Fáwẹ́lì ni etí ń fi mọ ibi tí ìró ti balẹ̀. Nínú "ń ṣú", ẹ gbé máàkà sí ibi tí "ú" ti wú nínú ìgbì. Tí ẹ bá gbé e sórí "ṣ", ọ̀rọ̀ náà á máa dàbí ẹni tó ń kánjú, bí ẹ bá sì wò ó nínú ìgbì, ẹ ò ní rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ohun tí a rí nínú ìlà àkọ́kọ́ nìyí: "Ọjọ́" wà ní férémù 315, "ń lọ" ní 345, "ilẹ̀" ní 387, "ń ṣú" ní 408, "o" ní 423, ó sì fa "o" náà dé 444. Ẹ fi wé ìlù. "Ọjọ́" fi férémù 3 pẹ́ sí ìlù àkọ́kọ́. "Ń lọ" fi 3 ṣáájú ìlù kẹta, tó wà ní 348. "Ń ṣú" pẹ́ sí ìlù rẹ̀ pẹ̀lú férémù 6, ìyẹn ìdá mẹ́ta ìlù kan odindi. Kì í ṣe pé olórin náà kò mọ ìlù. Adùn lílé rẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan máa ń fa máàkà wọ̀nyí padà sórí ìlù kí gbogbo rẹ̀ lè "gún régé", tí wọ́n á sì pa adùn náà tán.

Lẹ́tà Yorùbá kò fẹ́ kí á tú u sí wẹ́wẹ́

Kí ẹ tó mú ohunkóhun rìn, ẹ dán fọ́ǹtì wò. Ẹ tẹ `Ẹ̀ ẹ́ Ọ̀ ọ́ ṣ ń ǹ` sí i kí ẹ sì wo ibi tí àmì ohùn jókòó sí. Kọ̀ǹpútà ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún "é", ṣùgbọ́n kò ní fún "ẹ́". Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀: "ẹ" kan, àti àmì òkè tí wọ́n gbé lé e lórí. Fọ́ǹtì tí wọn kò ṣe fún irú èyí á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Noto Sans, Noto Serif, Gentium àti Charis SIL ń gbé e dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Bí fọ́ǹtì olówó tó lẹ́wà bá kọ̀ ọ́, ẹ lè kọ ọ̀rọ̀ náà nínú Inkscape, kí ẹ tò ó dáadáa, kí ẹ sọ ọ́ di àwòrán, kí ẹ tó gbé e wọlé. Àtúnkọ ló máa nira lẹ́yìn náà.

Ewu tó tóbi jù wà nínú ìrìn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ohun tí After Effects máa ń ṣe tí ẹ kò bá sọ fún un ni pé á máa mú lẹ́tà wọlé níkọ̀ọ̀kan, ó sì lè ka àmì òkè "ẹ́" sí lẹ́tà tirẹ̀. Ẹ ó wá rí "ẹ" tó wọlé láìní àmì, tí àmì náà á fi férémù kan tàbí méjì dé lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ lódindi ni kí ẹ máa mú rìn, ẹ má ṣe mú lẹ́tà rìn. Ìyẹn náà ló sì bá orin mu, torí pé olórin kì í pe lẹ́tà.

Ohun méjì kékeré kù. Àmì ìsàlẹ̀ ìlà òkè máa ń kọlu àmì òkè ìlà ìsàlẹ̀, nítorí náà tí lẹ́tà bá jẹ́ 96, ẹ fi àlàfo ìlà sí 130, ó kéré tán. Tí ẹ bá sì ń fi másíkì ṣí ọ̀rọ̀ síta, kí másíkì náà ga ju orí lẹ́tà lọ, kí ó sì jìn ju ìdí rẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ "ọ́" á di "o" lójú fídíò fún férémù mélòó kan.

Lílé: ọ̀rọ̀ tó ń wọlé pẹ̀lú ohùn

Ẹ kọ "Ọjọ́ ń lọ, ilẹ̀ ń ṣú o" sórí léyà ọ̀rọ̀ kan, lápá òkè. Ẹ ṣí Animate, ẹ yan Position, kí ẹ sì fi Opacity kún un. Ẹ fi Position sí `0, 40`, Opacity sí `0`. Nínú Range Selector, lábẹ́ Advanced, ẹ yí Units sí `Index`, Based On sí `Words`. Ọ̀rọ̀ tó bá wà nínú àyíká tí Range Selector yàn á fara pamọ́, á sì wà ní písẹ́lì 40 nísàlẹ̀ àyè rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń gbé nọ́ńbà Start sókè, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ á máa bọ́ kúrò nínú àyíká náà níkọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á máa gòkè wá sí àyè wọn.

Ìbéèrè tó kù ni ìgbà tí kálukú máa bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ojú máa ń gba àwòrán tó ṣáájú ohùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba ohùn tó ṣáájú àwòrán. Ìlànà ITU-R BT.1359, tí wọ́n kọ fún tẹlifíṣọ̀n, sọ pé èèyàn ti ń fura tí ohùn bá ṣáájú àwòrán pẹ̀lú ìdá 45 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ṣùgbọ́n tí ohùn bá pẹ́ sí àwòrán, kò ní fura títí yóò fi tó ìdá 125. Lójú férémù 30 wa, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ tó bá pẹ́ ju férémù 1 lọ ti pẹ́ jù, èyí tó bá ṣáájú pẹ̀lú 2 tàbí 3 kò dun ẹnikẹ́ni. Ẹnu èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ṣe ìwọ̀n náà fún, àmọ́ ó bá ọ̀rọ̀ tó ń hàn mu gan-an nínú iṣẹ́.

Mo máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ lílé fi férémù 6 wọlé, kí ó bẹ̀rẹ̀ ní férémù 5 ṣáájú máàkà, kí ó sì dúró ní férémù 1 lẹ́yìn rẹ̀. Báyìí, nígbà tí ohùn bá jáde, ọ̀rọ̀ náà ti ṣeé kà, ó sì kù díẹ̀ kí ó fìdí kalẹ̀. Nínú ìlà wa, "Ọjọ́" jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ní férémù 310, Start jẹ́ 0. Ní 316, ó di 1. Ó dúró lórí 1 títí di 340. "Ń" àti "lọ" jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n olórin pè wọ́n pa pọ̀, nítorí náà láàárín 340 sí 346, Start fò láti 1 sí 3. "Ilẹ̀" wọlé láàárín 382 sí 388, tí Start di 4. "Ń ṣú" wọlé láàárín 403 sí 409, tí ó di 6. "O" wọlé láàárín 418 sí 424, tí ó di 7.

Ẹ yan gbogbo kíífíréémù náà, ìyẹn àwọn ibi tí ẹ ti fi nọ́ńbà sí Start, kí ẹ tẹ F9 kí ìrìn wọn lè rọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí Graph Editor, kí ẹ jẹ́ kí ìrìn náà yára ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì rọra dúró. Tí ẹ bá rọ̀ ọ́ jù, ọ̀rọ̀ á ti dé tán ní férémù 2, ẹ ó wá rí i bí ẹni tó ń ṣáájú olórin. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ fa gbogbo kíífíréémù síwájú ní férémù 1 tàbí 2, kí ẹ má ṣe fọwọ́ kan máàkà.

"O" tí olórin fà gùn ń béèrè nǹkan tirẹ̀. Bí ó bá wọlé tí ó sì dúró gbọnyin, etí ń gbọ́ ohùn tó ń lọ, ojú ń rí ọ̀rọ̀ tó ti kú. Mo máa ń gé irú "o" bẹ́ẹ̀ sórí léyà tirẹ̀, màá sì fẹ̀ ẹ́ láti 100 dé 112 nínú ọgọ́rùn-ún, láti férémù 424 dé 444, láìsí ìrọ̀rùn kankan ní òpin. Tí èémí bá tán, ìrìn náà tán. Ẹni tó bá ṣe èyí kò ní fi 7 sí Start mọ́, 6 ló máa parí sí, léyà "o" á sì gba ìwọlé tirẹ̀.

Ìlà náà pé lójú ní férémù 424, ègbè sì gbé e ní 456. Ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀ nìyẹn, kò tó fún ẹni tó ń kà á fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe yọ ọ́ kúrò nígbà tí ègbè bá wọlé. Ẹ sọ Opacity rẹ̀ di 35 láàárín 456 sí 464, kí ó dúró bẹ́ẹ̀ nígbà tí ègbè bá ń lọ lọ́wọ́, kí ó wá lọ pátápátá kí lílé kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ègbè ń dá lílé lóhùn, ó sì dára kí ohun tó ń dáhùn sí ṣì wà nílé.

Ègbè: ọ̀rọ̀ tó ń balẹ̀ pẹ̀lú ìlù

Níbí, gbogbo nǹkan yí padà. "A ó" dún ní 456, "dé" ní 474, "lé" ní 492, gbogbo rẹ̀ sì jókòó sórí ìlù. Ẹ kọ "A ó délé" sísàlẹ̀, kí ó tóbi ju lílé lọ, kí àwọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀. Ó wọlé lódindi. Férémù 3 péré ni ìwọlé rẹ̀: ní 453 ó kéré, ní 456 ó balẹ̀. Kíífíréémù tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ wà lórí 456 gan-an, kò gbọdọ̀ jẹ́ 457. Etí máa ń dárí ji ohùn ènìyàn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ férémù, ṣùgbọ́n kò ní dárí ji ìlù. Ẹ tún un ṣe bẹ́ẹ̀ ní 528 fún "a ó délé" kejì.

Láàárín ìgbà tí ó balẹ̀ sí ìgbà tí ó lọ, mo fẹ́ kí ó máa mì pẹ̀lú ìlù. Ẹ yan léyà `ORIN`, kí ẹ tẹ máàkà sórí ìlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú báà kọ̀ọ̀kan tí ègbè ń lò, kí ẹ sì sún wọn sí férémù tí ìṣirò fún yín. Fún ègbè àkọ́kọ́, 456, 474, 492, 510 ni, lẹ́yìn náà 528, 546, 564, 582. Ẹ ṣe Null mìíràn sí àárín ọ̀rọ̀ ègbè, ẹ so léyà ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn pẹ̀lú Parent, kí ẹ di Alt mú, kí ẹ tẹ aago Scale Null náà, kí ẹ sì lẹ èyí mọ́ ibẹ̀:

```
m = thisComp.layer("ORIN").marker;
k = 0;
if (m.numKeys > 0) {
  n = m.nearestKey(time).index;
  if (m.key(n).time > time) n--;
  if (n > 0) k = Math.exp(-6 * (time - m.key(n).time));
}
s = 100 + 4 * k;
[s, s]
```

Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wá máàkà tó kọjá gbẹ̀yìn, á wú ọ̀rọ̀ dé 104 níbẹ̀, á sì jẹ́ kí ó rọra padà sí 100 kí ìlù mìíràn tó dún. Nọ́ńbà `4` ni bí ó ṣe ń wú tó. `6` ni bí ó ṣe ń yára padà. Tí ọ̀rọ̀ bá ń gbọ̀n bí ẹni òtútù ń mú, 4 yẹn ti pọ̀ jù, ẹ sọ ọ́ di 2. Nítorí pé máàkà ló ń tẹ̀ lé, ó ṣiṣẹ́ bákan náà fún orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ láìsí kílíìkì. Ẹ kàn máa fi etí àti ìgbì ohùn gbé máàkà ìlù náà ni. Tí ìlù bá yára díẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, ọ̀rọ̀ náà á bá a yára.

Ẹ má ṣe so lílé mọ́ Null yìí. Ó máa wù yín. Tí lílé àti ègbè bá jọ ń mì, ojú kò ní mọ ìyàtọ̀ mọ́, a ti padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Lílé kejì

"Ẹ jẹ́ ká má sáré jù" yàtọ̀, torí pé olórin da "Ẹ jẹ́ ká" jáde láàárín ìlù kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó bá ń wọlé tẹ̀léra láàárín férémù 18 máa ń dàbí pé fídíò ń há. Ẹ mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé pa pọ̀, lórí máàkà "Ẹ", pẹ̀lú férémù 6 kan náà. "Má sáré" tẹ̀ lé e pa pọ̀. "Jù" dá wọlé fúnra rẹ̀, ó sì gùn.

Níbi "jù" yìí ni mo ti máa gba ohun kan láyè tí mi ò ní gbà níbòmíràn. Orin Yorùbá sábà máa ń bá ohùn ọ̀rọ̀ lọ: ohùn òkè ń gòkè, ohùn ìsàlẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀. Ó máa ń wu ènìyàn láti mú gbogbo ọ̀rọ̀ máa gòkè máa sọ̀ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí. Mo ti rí fídíò tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, kò ṣeé kà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó gùn ní ìparí ìlà, tí olórin ń fà sílẹ̀, lè rọra sọ̀ ní písẹ́lì 20 láàárín férémù 30. Ẹ̀ẹ̀kan nínú orin, ó pọ̀ tán.

Ègbè kejì kò nílò iṣẹ́ tuntun. Ẹ yan léyà ègbè àkọ́kọ́ àti Null rẹ̀, ẹ dà wọ́n kọ, kí ẹ sì gbé wọn síwájú ní férémù 288, kí 456 di 744. Ẹ tẹ máàkà ìlù rẹ̀ náà sórí `ORIN`. Àwọn kan máa ń yí ìrìn ègbè padà ní gbogbo ìgbà tó bá tún dé, kí fídíò má baà "súni". Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ègbè dún bákan náà, kí ó rí bákan náà. Lílé ló ń yí padà.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ wo pánẹ́ẹ̀lì Info nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Tí nọ́ńbà férémù níbẹ̀ bá pupa, kọ̀ǹpútà kò lè mú un yára tó bó ṣe yẹ, ohun tí ẹ ń rí kì í ṣe òótọ́. Ẹ má ṣe sún kíífíréémù kankan nítorí ohun tí ẹ rí lásìkò yẹn. Ẹ sọ Resolution di `Half`, kí ẹ tún un wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa ohùn, kí ẹ wo ègbè nìkan, kí ẹ sì gbìyànjú láti pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e. Ó yẹ kí ó ṣeé ṣe láìronú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú lílé. Kò gbọdọ̀ ṣeé ṣe. Tí àtẹ́wọ́ bá bá lílé mu geere, ẹ ti fa máàkà sórí ìlù níbì kan. Ẹ padà lọ wo ìgbì ohùn.

Ìdánwò kẹta wà fún orin tó gùn. Ẹ fò lọ sí ègbè tó kẹ́yìn pátápátá kí ẹ wo bóyá ó ṣì ń balẹ̀ lórí ìlù bí ti àkọ́kọ́. Tó bá ti sún díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá, nọ́ńbà tí ẹ sọ di odindi ló fà á, tàbí kí tẹmpo tí wọ́n fún yín má jẹ́ òótọ́. Tó bá jẹ́ iye kan náà ló fi pẹ́ níbi gbogbo, ìbẹ̀rẹ̀ orin ni ẹ kò kà dáadáa, ẹ lè yan gbogbo léyà ọ̀rọ̀ kí ẹ sún wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ fi H.264 gbé e jáde ní férémù 30 kan náà, kí ẹ wò ó lórí fóònù pẹ̀lú ohùn tó ń jáde láti ara fóònù náà fúnra rẹ̀. Lójú fóònù, ẹ wo àmì ìsàlẹ̀ "ẹ" àti "ọ" nínú ìlà lílé. Bí ẹ kò bá lè rí i láti ibi tí ọwọ́ yín nà dé, lẹ́tà náà kéré jù, ẹ gbé e sókè láti 96 sí 110, kí ẹ sì tún àlàfo ìlà wò kí ẹ tó gbé e jáde lẹ́ẹ̀kejì.